Ẹ̀jẹ̀ àbúrò mi rí bíi ṣokoléètì: ta ló mọ ibi tí wọ́n ti lè yẹ̀ ẹ́ wò?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin dókítà àti nọ́ọ̀sì Ìbàdàn, ẹ gbà wá. Àbúrò mi obìnrin ń lo dápsóònù fún àrùn awọ ara. Ní báyìí, ètè àti èékánná rẹ̀ ti dúdú bí aró. Ẹ̀rọ tó ń wọn ọ́síjìn tí wọ́n fi há a níka kò kúrò lórí ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún, bí wọ́n tilẹ̀ ń fún un ní ọ́síjìn. Àmọ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ọ́síjìn pé. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà kò pupa rárá, kódà nígbà tí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i. Dókítà fura sí mẹtimoglobíínì, ìyẹn èròjà ẹ̀jẹ̀ tó ti yí padà tí kò lè gbé ọ́síjìn mọ́, tí ẹ̀rọ ìka kò sì lè dá mọ̀. Wọ́n ti dá dápsóònù dúró. Ilé ìwòsàn wo ló ní kó-ọ́símítà tó lè wọ̀n ọ́n? Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin ní àìtó G6PD, èròjà tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀. Bí àbúrò mi náà bá ní in, ṣé mẹtilíìnì búlúù tí wọ́n fi ń tọ́jú mẹtimoglobíínì kò ní ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́?