Owó ìfiránṣẹ́ ọjà sí Èkó ń jẹ èrè mi

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Àdìrẹ ni mò ń tà lórí ayélujára láti Ìbàdàn. ₦3,000 ni mo fi lé gbogbo Èkó, àṣìṣe mi sì nìyẹn. Mọ́tò ń gba ₦1,000 dé Bẹ́gà. Láti ibẹ̀, ọlọ́kadà tó ń pín ọjà ń gba ₦2,000 dé Ìkẹjà, ṣùgbọ́n ₦4,500 ló gbà dé Lẹ́kì lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àpò mi ni ₦2,500 tó lé ti jáde.

Mo fẹ́ pín Èkó sí mẹ́ta: Ìkẹjà àti agbègbè rẹ̀, ₦3,000, Yábà àti Súrùlérè, ₦4,000, òdìkejì afárá bíi Lẹ́kì, ₦5,500. Ìkòròdù ló ń dà mí láàmú: kò kọjá afárá, síbẹ̀ ó jìn. Ibo ni kí n kà á sí?

Bákan náà, tí mo bá kọ “Ọjà yín ti gbéra” ránṣẹ́, oníbàárà á rò pé ó ti dé ẹnu ọ̀nà, ìpè á sì bẹ̀rẹ̀. Ṣé èyí dáa jù: “Ọjà yín ti kúrò n'Íbàdàn. Tó bá dé Bẹ́gà lọ́la, a ó fi nọ́ńbà ẹni tó ń gbé e bọ̀ ránṣẹ́. Ṣé ẹ máa wà nílé?” Ó ti ṣẹlẹ̀ rí pé oníbàárà kan ò sí nílé, mo sì sanwó ọ̀kadà lẹ́ẹ̀mejì.