Ẹ̀rí wo ló ń fi hàn pé èèyàn lè darí olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀?

Ẹ̀yin àgbà olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìṣirò ni mò ń kọ́ ní Òmù-Àrán, mo sì ń wá ipò igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé. Mo kọ ètò ìdàgbàsókè iṣẹ́ mi, ṣùgbọ́n ọ̀gá wa sọ pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti ìwé-ẹ̀rí nìkan ló kún inú rẹ̀, kò sí olùkọ́ tí mo ràn lọ́wọ́.

Mo wá ń jókòó ní kíláàsì olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan, a sì jọ ń yẹ ìwé àwọn ọmọ wò: wọ́n ń ro 1/2 mọ́ 1/3, wọ́n ń kọ 2/5 dípò 5/6. Olùkọ́ náà ti yí bó ṣe ń kọ́ wọn padà. Àmọ́ máàkì lè gòkè nítorí lẹ́sìn ilé.

Yàtọ̀ sí máàkì, ẹ̀rí wo ni kí n kó jọ láàárín táàmù kan?