"Ọ̀rọ̀" mélòó ló wà níbẹ̀?

"Ẹ̀yin àgbà, mò ń kọ ìwé pélébé kan fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà lọ́dọ̀ wa ní Mọ́kọ́lá. Nínú bash, ètò tó ń gba àṣẹ tí a bá kọ sínú tẹ́mínà, Alt-B ń fo ọ̀rọ̀ kan sẹ́yìn, Ctrl-W ń pa ọ̀rọ̀ kan rẹ́. Ṣé kí n kọ 'ọ̀rọ̀' fún méjèèjì?"

Rárá o, àbúrò. Ọmọ tó bá kà á báyẹn á pa ohun tí kò fẹ́ pa. Kọ èyí sínú bash, má tíì tẹ Enter:

```
cp /home/bisi/iroyin-2023.txt /mnt/ibadan
```

Tẹ Alt-B: atọ́ka á bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ ibadan. Tún un tẹ̀, ó di mnt, lẹ́yìn náà txt, lẹ́yìn náà 2023. Lẹ́tà àti nọ́ńbà nìkan ló kà sí ara ọ̀rọ̀, gbogbo àmì yòókù jẹ́ ààlà lójú rẹ̀. Wàyí, fi Ctrl-E padà sí ìparí ìlà, kí o tẹ Ctrl-W. Odidi /mnt/ibadan ló máa lọ, torí àlàfo nìkan ni Ctrl-W mọ̀ sí ààlà. Ctrl-Y á dá a padà. Bó bá jẹ́ ibadan nìkan lo fẹ́ pa, Alt-Backspace ni kí o tẹ̀, á fi /mnt/ sílẹ̀ fún ọ.

Àbá tèmi ni "ẹyọ" fún ti Alt-B, "ìdì" fún ti Ctrl-W. Bí èèyàn bá gbé ìdì ẹ̀fọ́ kan ní ọjà Bódìjà, gbogbo ewé inú rẹ̀ ló gbé.

"Mi ò fara mọ́ ọn. Nínú àkọtọ́ wa, ohun tó bá wà láàárín àlàfo méjì ni ọ̀rọ̀. Ctrl-W ló ni orúkọ yẹn."

Bùọ̀dá, ẹ wo "níbẹ̀". Kò sí àlàfo nínú rẹ̀, síbẹ̀ "ní" àti "ibẹ̀" ló wà níbẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, tèmi ńkọ́? Mò ń fi Ctrl-R wá àṣẹ àtijọ́, mo wá kọjá èyí tí mo fẹ́. Wọ́n ní Ctrl-S á dá mi padà síwájú. Mo tẹ̀ ẹ́, gbogbo rẹ̀ gan pa. Mo ní láti ti tẹ́mínà náà pa."

Ẹ pẹ̀lẹ́, Àǹtí. Ctrl-Q ni ì bá tú u sílẹ̀. Tẹ́mínà ló ń gba Ctrl-S mú kó tó dé ọwọ́ bash, "dúró" ló sì túmọ̀ sí lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ fi ìlà yìí sínú ~/.bashrc, kó lè jọ̀wọ́ rẹ̀:

```
stty -ixon
```

Àbúrò, ṣé o gbọ́ "àṣẹ àtijọ́" tí Àǹtí pè é? Ó dára ju "ìtàn" lọ fún "history". Fún Ctrl-L, kọ "nu ojú", má kọ "pa rẹ́": ìlà tí ọmọ náà ń kọ lọ́wọ́ ṣì máa wà lókè, àṣẹ àtijọ́ rẹ̀ kò sì sọnù.

"Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Mo ti mú ìdì. Ṣùgbọ́n mo ka ẹyọ fún ọmọ méjì lánàá, lẹ́tà kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì rò pé Alt-B máa fò."