Ta ni ọmọ máa wà lọ́dọ̀ rẹ̀ bí ìyá àti bàbá bá pínyà?

Ìyá Dámilọ́lá: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Àbúrò mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀ ti pínyà, ọ̀rọ̀ ọmọ wọn ọmọ ọdún 7 sì ti dé ilé ẹjọ́. Ọkọ ní ilé tirẹ̀, owó oṣù rẹ̀ pọ̀ dáadáa. Yàrá kan ṣoṣo ni àbúrò mi ń gbé. Ṣé kì í ṣe pé ọmọ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn?

Bàbá Ṣọlá: Ẹ fọkàn balẹ̀. Ọmọ kékeré, ti ìyá ni. Tó bá ti pé ọdún 12, òun fúnra rẹ̀ ló máa sọ ibi tó fẹ́ wà. Bó ṣe rí ní gbogbo ilé ẹjọ́ nìyẹn.

Lọ́yà Ọmọdé: Bàbá Ṣọlá, ẹ ò ṣì í tán. Ó pẹ́ tí àwọn adájọ́ fi ń gbé ọmọ kékeré fún ìyá, àmọ́ ọ̀pọ̀ ilé ẹjọ́ ti pa ìyẹn tì. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé, ti ọdún 1989, sọ ní abala 3 pé ire ọmọ gbọ́dọ̀ wà lára ohun pàtàkì tí wọ́n máa kọ́kọ́ wò. Abala 12 ní kí wọ́n gbọ́ tẹnu ọmọ, kí wọ́n sì wọ̀n ọ́n bí ọjọ́ orí àti òye rẹ̀ bá ṣe tó. Wọ́n máa gbọ́ tirẹ̀ o, àmọ́ òun kọ́ ló máa dájọ́.

Ìyá Dámilọ́lá, ti owó kọ́ ló ṣòro jù. Adájọ́ lè pàṣẹ kí bàbá máa san owó oúnjẹ àti owó ilé ẹ̀kọ́. Ohun tí wọ́n máa bi àbúrò yín ni pé: ta ló ń jí ọmọ láàárọ̀? Ta ló ń gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà? Ta ni tíṣà ń pè bí ara rẹ̀ ò bá yá? Kó má kàn kọ ọ́ sínú ìwé ìbúra pé “èmi ni mò ń tọ́jú rẹ̀”, torí ohun tí bàbá náà máa kọ nìyẹn. Kó to ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀, láti ìgbà tí ọmọ jí títí tó fi sùn, kó wá so káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára àti káàdì ilé ìwòsàn mọ́ ọn. Kó fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀ yàrá kan yẹn kí ẹnì kejì tó sọ ọ́, kó fi fọ́tò ibi tí ọmọ ń sùn àti ibi tó ti ń kàwé hàn.

Òṣìṣẹ́ Wẹ́fíà: Ẹ kìlọ̀ fún un kó má kọ́ ọmọ lọ́rọ̀. Ó máa ń hàn. Ọmọ ọdún 7 á ní, “Bàbá mi ò bìkítà nípa ọjọ́ ọ̀la mi.” Bí a bá bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé tó lọ síbẹ̀, á tún gbólóhùn kan náà sọ. Ọmọ tó ń sọ ohun tó ṣojú rẹ̀ á sọ ẹni tó dáná, ibi tí báàgì rẹ̀ wà, ohun tó pa á lẹ́kún. Bí a bá sì kọ ọ́ sínú ìròyìn pé wọ́n kọ́ ọ ni, ẹni tó kọ́ ọ ló máa pa lára.

Akin: Tèmi ńkọ́? Ìyá ọmọ mi ń gba owó oṣooṣù, kò sì jẹ́ kí n fojú kan ọmọ. Mo ti dá owó náà dúró.

Lọ́yà Ọmọdé: Ẹ̀gbọ́n, ẹ tètè padà máa san án, kó gba báńkì kọjá. Owó oúnjẹ ọmọ ni, kì í ṣe owó ìwọlé. Ẹ kọ gbogbo ọjọ́ tí kò jẹ́ kí ẹ rí ọmọ sílẹ̀, ẹ tọ́jú àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀, kí ẹ wá ní kí ilé ẹjọ́ pàṣẹ ìbẹ̀wò. Adájọ́ máa ń wo ẹni tó máa jẹ́ kí ọmọ mọ ẹnì kejì. Ìdádúró owó yẹn ló máa ba ẹjọ́ tó dáa jẹ́ fún yín.

Ìyá Dámilọ́lá: Ẹ ṣeun gan-an. Ọkọ ti gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá tiẹ̀ láti oṣù méjì. A ní ká dúró de ọjọ́ ìgbẹ́jọ́.

Lọ́yà Ọmọdé: Háà! Ẹ ò bá ti kọ́kọ́ sọ èyí. Ẹ má dúró rárá. Kí lọ́yà àbúrò yín béèrè fún àṣẹ onígbà díẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Bó bá fi máa di ọjọ́ ìgbẹ́jọ́, ọmọ á ti ní ilé ẹ̀kọ́ tuntun àti ọ̀rẹ́ tuntun, adájọ́ á sì máa rò ó pé kí ló dé tí òun á tún fi fà á tu. Àwọn adájọ́ kan kì í ka irú ìfìdímúlẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí bó bá jẹ́ pé ṣe ni wọ́n jí ọmọ gbé, àwọn kan sì máa ń kà á sí. Kí àbúrò yín má sì lọ já a gbà o, ìyẹn á sọ àwọn méjèèjì di ọ̀kan náà.

Bàbá Ṣọlá: Bí wọ́n bá pín in ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan síra wọn ńkọ́? Kò ní sí ìjà mọ́.

Òṣìṣẹ́ Wẹ́fíà: Ó lè dáa bí ilé méjèèjì bá sún mọ́ ilé ẹ̀kọ́, tí àwọn méjèèjì sì lè bára wọn sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ṣì ń bára wọn jà, iwájú ilẹ̀kùn ni ìjà máa ń wáyé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, lójú ọmọ.

Lọ́yà Ọmọdé: Èmi ò gbà pé gbogbo ìgbà ló ń rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ń gba ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ dípò ẹnu ọ̀nà, wọn ò ní pàdé. Ìyá Dámilọ́lá, ilé bàbá náà jìnnà sí ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọ ń lọ tẹ́lẹ̀ tó báwo?