Ẹ gbà mí o, ọdún tí wọ́n bí Ajàyí Crowther ò bára mu

Ọmọ Ọ̀ṣun:
Ẹ káàsán o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mò ń to ìwé pẹlẹbẹ kan fún àwọn ọmọ Sọ́ńdè Sukúù wa, ó ku ọdún ìbí àti ọdún ikú lábẹ́ fọ́tò Bíṣọ́ọ̀bù Ajàyí Crowther. Alága wa ní kí n má kọ ọdún kankan àfi tí mo bá rí i nínú ensaikilopídíà kan àti ibòmíì tí kò wò ó kọ. Britannica ní c. 1809, ìyẹn nǹkan bí 1809, ó kú ní 31 December 1891. Mo tún wo Dictionary of African Christian Biography, c. 1807 ni wọ́n kọ síbẹ̀, ikú ṣì jẹ́ 1891. Èwo ni kí n mú? Ọ̀la ni mo ń gbé e lọ fún atẹ̀wé, ẹ jọ̀ọ́.

Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà:
1809 ni jàre. Tẹ orúkọ bàbá yẹn sí Gúgù kí o ka ibi mẹ́wàá, èyí tó bá pọ̀ jù ni kí o mú. Àmọ́ ibi tí o bá ti rí 1809 láìsí c. níwájú ẹ̀, fò ó, wọ́n ti gé e sọnù nìyẹn.

Ìyá Láíbìrì:
Bọ̀dá, ọ̀rọ̀ c. yẹn dáa, ti ibi mẹ́wàá ni mi ò fara mọ́. Ọ̀pọ̀ búlọ́ọ̀gì Wikipédíà ni wọ́n ti ń dà á kọ, ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ló ń pààrọ̀ aṣọ.

Ọmọ Ọ̀ṣun, kọ́kọ́ ya ikú sọ́tọ̀ kúrò lára ìbí, torí ẹ̀rí wọn kì í sábà dọ́gba. Láti 1864 ni bàbá yìí ti di bíṣọ́ọ̀bù, nígbà tó sì kú l'Ékòó àwọn tó mọ̀ ọ́n wà láyé tí wọ́n lè kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Wá ìwé ìròyìn ìgbà yẹn kan tàbí àkọsílẹ̀ CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì tó bá ṣiṣẹ́, tó bá ti bá ti Britannica mu, ti ikú parí. Àmọ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún ló kú o, torí náà ìwé tó gbé ìròyìn ẹ̀ máa jẹ́ ti 1892. Tí o bá pàdé 1892 níbì kan, wò ó dáadáa bóyá ọjọ́ tí wọ́n tẹ ìwé ni wọ́n fi ṣe ọjọ́ ikú.

Ti ìbí ló le. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀ l'Óṣogùn lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Ohun tó sún mọ́ ọn jù ni lẹ́tà tí òun fúnra ẹ̀ kọ ní 1837, ó ní òun rò pé nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ 1821 ni wọ́n kó àwọn lẹ́rú. Wá ṣírò ẹ̀: ẹni tó bá ní ọmọ ọdún 12 ni nígbà yẹn máa bọ́ sí 1809 tàbí 1808, ẹni tó bá ní ó ti pé 13 tàbí tó lé díẹ̀ máa bọ́ sí 1808 tàbí 1807. Nítorí náà 1807 àti 1809 tí o rí yẹn kì í ṣe ìjà, ìyọkúrò ni àwọn méjèèjì. Àti pé kódà ká ní ìwé méjèèjì kọ 1809, tó bá jẹ́ lẹ́tà yẹn nìkan ni wọ́n dì mú, ẹlẹ́rìí kan náà ni.

Alhaja Òkè-Ọjà:
Màmá tèmi náà ò mọ ọdún tí wọ́n bí wọn. Kóòtù la lọ búra, wọ́n sì gbà á fún páspọ́ọ̀tù. Ṣé ẹ ò lè lọ búra ni? Ohun tí màmá máa ń sọ ni pé ọdún tí oòrùn ṣókùnkùn lọ́sàn-án ni wọ́n bí àwọn.

Ìyá Láíbìrì:
Alhaja, ìbúra kóòtù wà fún ọ̀rọ̀ ẹni àti ìdílé ẹni, a ò lè búra fún Crowther. Àmọ́ ti oòrùn yẹn, ẹ má jẹ́ kó lọ o! Oòrùn ṣókùnkùn ní ilẹ̀ wa ní May 1947, ó wà lákọsílẹ̀ àwọn onímọ̀ ojú ọ̀run, wọn ò sì gbọ́ ọ lẹ́nu màmá. Ẹlẹ́rìí tó dá dúró nìyẹn, tó bá ti bá ọjọ́ orí àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wọn lọ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Òkúta ojú oórì ńkọ́?

Ìyá Láíbìrì:
Ó dáa fún ikú. Fún ìbí, ẹni tó gbẹ́ ẹ náà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnìkan ni.

Ọmọ Ọ̀ṣun:
Mo dúpẹ́ gan-an mà. Ṣé kí n wá kọ "nǹkan bí 1807 sí 1809"?

Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà:
Ọmọdé ló máa kà á o, ọdún méjì á dà wọ́n lọ́kàn rú. "Nǹkan bí 1809" ti tó.

Ìyá Láíbìrì:
Èmi á kọ méjèèjì, àmọ́ mi ò ní bá yín jà lórí ìyẹn. Èyí tí mo máa jà lé lórí ni kí ẹ má kọ iye ọdún tó lò láyé sínú ìwé yẹn.

Ọmọ Ọ̀ṣun:
Háà, a ti kọ "ẹni ọdún 82" sí ojú ewé kejì. Mò ń pa á rẹ́ báyìí, màá sì bi alága nípa 1807 yẹn kí n tó gbé e jáde.