Ara agolo, ìdí àti ọmọrí: kí ni ká máa pè é?

Olùkọ́ ìṣirò, Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Bí a bá gé ara agolo tí a dé lókè dé nísàlẹ̀, tí a wá na ara náà kí ó di onígun mẹ́rin gbọọrọ, ọ̀rọ̀ wo ló tọ́ fún iṣẹ́ yẹn? Kí sì ni ká pe gbogbo ojú agolo náà lápapọ̀? “Títú” ni mò ń lò fún àwọn ọmọ JSS 3, àmọ́ dáyámítà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fi ṣe gígùn onígun mẹ́rin náà, bí mo tilẹ̀ ti ṣàlàyé títí.

Ẹ̀gbọ́n Ṣàgámù

Olùkọ́, ẹ kú akitiyan. Ohun tí a so tàbí tí a dì la máa ń tú. Ohun tí a ká, títẹ́ la máa ń tẹ́ ẹ. Ẹní tí a ká fi ti ògiri, bí àlejò bá dé, a ó tẹ́ ẹ sílẹ̀; kò sẹ́ni tí í tú ẹní àyàfi ẹni tó fẹ́ bà á jẹ́. Nítorí náà, “kíká” ni ká pe bí páànù ṣe di agolo, “títẹ́” ni ká pe bí agolo ṣe padà di páànù. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ti wà lẹ́nu ọmọ kí ó tó dé kíláàsì, ó sì mọ̀ láìsí pé a sọ fún un pé ẹní tí a ká àti ẹní tí a tẹ́ kò yàtọ̀ ní títóbi. Ìdí ìṣirò náà gan-an nìyẹn: bí a bá tẹ́ ara agolo, ìwọ̀n rẹ̀ kì í dín, kì í lé.

Ti dáyámítà, mi ò rò pé ọ̀rọ̀ “títú” ló fà á. Àwòrán inú ìwé ló fà á. Bí wọ́n bá ya agolo sórí ìwé, ìbú tí ọmọ ń rí láti apá òsì dé apá ọ̀tún, dáyámítà ni. Ó wá rò pé bí a bá tẹ́ agolo náà, ohun tí òun rí yẹn náà ni yóò tẹ́. Kò rántí pé ẹ̀yìn agolo wà níbẹ̀ tí ojú òun kò tó.

Ẹ jẹ́ kí ó fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ́ ẹ. Ẹ mú agolo mílíìkì tí bébà ṣì wà lára rẹ̀. Kí ọmọ fi bírò pupa tọ etí bébà náà lókè yípo títí yóò fi padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Kí ó wá fi abẹ gé bébà náà tààrà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Ìlà pupa tó yípo etí agolo ti di ìlà gbọọrọ kan, láti igun dé igun. Ẹ ò ní ní láti sọ fún un mọ́ pé ìwọ̀n ìyíká ẹnu agolo ni gígùn onígun mẹ́rin náà. Fífẹ̀ rẹ̀ kò yí padà. Gíga agolo náà ni.

Ohun kan wà tó máa ń da iṣẹ́ yìí rú. Bébà agolo kì í kan ara rẹ̀ ní ṣónṣó; wọ́n máa ń fi etí kan gun orí ìkejì kí gọ́ọ̀mù lè mú un. Bí ọmọ bá ṣí i níbi gọ́ọ̀mù dípò kí ó fi abẹ gé e, tí ó sì tẹ́ ẹ láìgé etí àgúnlé yẹn kúrò, gígùn tí yóò rí yóò fi bíi sẹ̀ǹtímítà kan ju bó ṣe yẹ lọ, yóò sì máa sọ pé 22/7 kò péye.

Onípáànù, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ má bínú sí mi o, ẹ̀ ń dá ara yín lágara. Níbi iṣẹ́ tiwa, a kì í fi 22/7 ṣe nǹkan kan. Bí oníbàárà bá ní òun fẹ́ agolo, a ó wọn ìdí rẹ̀ láti etí dé etí, a ó sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, a ó fi ìbú ìka kan kún un fún ibi tí etí méjèèjì ti máa pàdé. A ń gé e, a ń ká a, a ń jó o pọ̀. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Ṣàgámù

Ẹ̀gbọ́n onípáànù, ọwọ́ yín mọ iṣẹ́, òdodo sì wà nínú ohun tí ẹ wí. Àmọ́ agolo kékeré ni òfin yẹn ń bá ṣe. Ẹ jẹ́ ká wò ó.

Agolo tí dáyámítà rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 7: ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 21, ìyíká rẹ̀ gan-an jẹ́ 22. Ó kù sẹ̀ǹtímítà 1. Ìka kan tí ẹ fi kún un, ká ní ó tó sẹ̀ǹtímítà 2. Ìdajì rẹ̀ dí àlàfo, ìdajì ṣẹ́kù fún ìpàdé etí. Ó bọ́ sí i.

Ẹ gbé e dé agolo gàrí tí dáyámítà rẹ̀ jẹ́ 14. Ìlọ́po mẹ́ta jẹ́ 42, ìyíká jẹ́ 44. Gbogbo ìka yín ti lọ sínú àlàfo. Etí méjèèjì yóò kàn fẹnu kanra, kò ní sí èyí tí yóò gun orí èkejì. Bí ẹ bá wá fipá gùn ún, agolo náà yóò kéré sí ìdí tí ẹ ti gé sílẹ̀, ìdí yóò sì yọ etí síta. Bó bá dé 28, ó ti kù sẹ̀ǹtímítà 4, ìka kan kò lè bò ó mọ́.

Ìdá kan nínú ìdá méje dáyámítà ni ohun tó ń sọnù ní gbogbo ìgbà. Ìlọ́po mẹ́ta àti ìdá kan nínú méje ni ẹ máa gé, kí ẹ tó wá fi ti ìpàdé etí kún un lọ́tọ̀.

Onípáànù, Ìjẹ̀bú-Òde

Ìyẹn wọlé. Fún àwọn àgbá ńlá, a máa ń fi okùn yí ìdí ká, a ó wá na okùn náà lórí páànù. Mi ò tíì rò ó pé nítorí ìdá kan nínú méje yẹn ni.

Màmá onígàrí, Òdógbólú

Ẹ ṣé o. Agolo gàrí tí ẹ sọ yẹn, onídáyámítà 14, bí gíga rẹ̀ bá jẹ́ 20, kóńgò mélòó ni yóò gbà? Èmi rò pé ohun tí ẹ ń wọ̀n nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n Ṣàgámù

Rárá, Màmá. Páànù tí a fi ṣe agolo là ń wọ̀n, kì í ṣe gàrí tó wọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yín wúlò, torí ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń pa méjèèjì pọ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣe agolo yín yìí tán.

Ara rẹ̀ tí a tẹ́: 44 × 20 = 880 cm². Rédíọ́sì jẹ́ 7, nítorí náà ìdí rẹ̀ jẹ́ 22/7 × 7 × 7 = 154 cm². Ọmọrí náà jẹ́ 154. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀: 880 + 154 + 154 = 1188 cm². Ìlànà tó wà nínú ìwé, 2πrh + 2πr², ohun tí mo ṣe yìí náà ni: apá àkọ́kọ́ ni ara, ìkejì ni ìdí àti ọmọrí. Ọmọ tó bá gba 1034 ti gbàgbé ọmọrí. Ẹni tó bá gba 588 ti fi dáyámítà ṣe gígùn onígun mẹ́rin, ó ní 14 × 20. Ẹni tó bá gba 2112, dáyámítà ló fi sípò rédíọ́sì fún ìdí àti ọmọrí. Olùkọ́ lè ti ara ìdáhùn mọ ibi tí ọmọ ti ṣìnà.

Ẹ wá wo ìyàtọ̀ páànù sí gàrí. Ẹ mú páànù 44 × 20 kan náà, ká a lódìkejì, kí ẹ̀gbẹ́ 20 di ìyíká, kí 44 di gíga. Ara rẹ̀ ṣì jẹ́ 880, kò yí padà rárá. Ṣùgbọ́n rédíọ́sì ti di bíi 3.18, ìdí àti ọmọrí papọ̀ kò ju nǹkan bíi 64 lọ, gbogbo rẹ̀ jẹ́ bíi 944 cm². Ti gàrí wá ńkọ́? Agolo kúkúrú gba 154 × 20, èyí jẹ́ 3080 cm³. Gíga yẹn gba 1400 péré. Ara kan náà, gàrí kò tó ìdajì.

Màmá onígàrí, Òdógbólú

Háà! Agolo gíga tí wọ́n máa ń gbé sójú ọjà, tó máa ń dà bíi pé ó pọ̀! Ẹ ṣeun o.

Akẹ́kọ̀ọ́ èdè, Àgọ́-Ìwòyè

Ẹ jẹ́ ká padà sórí orúkọ. Mo fara mọ́ “títẹ́”. Ṣùgbọ́n “ojú” ń kọ mí lóminú. Bí mo bá sọ fún ìyá mi pé kí ó wọn ojú agolo, òkè rẹ̀ níbi tí a ń ṣí ni yóò wò. Mo dábàá “awọ agolo” fún gbogbo rẹ̀, torí awọ ló bo nǹkan yíká.

Olùkọ́ ìṣirò, Ìjẹ̀bú-Igbó

“Awọ” dára létí, àmọ́ àwọn ọmọ mi yóò rò pé bébà tó wà lára agolo ni, wọn yóò sì tún gbàgbé ìdí àti ọmọrí. Ohun tí mo rí nínú ìjíròrò yìí ni pé a ti ń lo ọ̀rọ̀ mẹ́ta láìfura: ara, ìdí, ọmọrí. Mo fẹ́ kí wọ́n máa kọ ìlà mẹ́ta kí wọ́n tó ro ó pọ̀: ara mélòó, ìdí mélòó, ọmọrí mélòó. Bí agolo kò bá lọ́mọrí, wọ́n á kọ òdo síbẹ̀. Fún àròpọ̀, mo ṣì máa lo “àpapọ̀ ìwọ̀n ojú”.

Akẹ́kọ̀ọ́ èdè, Àgọ́-Ìwòyè

Àpapọ̀ ìwọ̀n ojú ti gùn jù, ẹ̀yin ará. Mi ò tíì gbà.

Ẹ̀gbọ́n Ṣàgámù

Kí a tó yan èyíkéyìí, ẹ gbé e wọ̀n lára ohun mìíràn. Àrọ tí a fi ń rọ epo, ẹ yọ ọrùn rẹ̀ kúrò kí ẹ sì gé ara rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀: ó ṣeé tẹ́, ṣùgbọ́n kì í di onígun mẹ́rin, apá kan òbírí ló máa ń dà. “Títẹ́” ṣì bá a mu, àmọ́ “gígùn lọ́nà fífẹ̀” kò bá a mu mọ́. Bọ́ọ̀lù wá ńkọ́? Kò sí bí a ṣe lè tẹ́ ẹ kí ó lẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹrẹsẹ. Ẹ gé èèpo ọsàn wò, yóò ya ni bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Níbẹ̀, “ara” àti “ìdí” kò ní ìtumọ̀ mọ́, torí bọ́ọ̀lù kò ní ìdí. “Awọ” nìkan ló ṣì bá a mu. Kí ni ẹ̀yin Ìjẹ̀bú-Igbó wí sí i?