Kí la máa pe X inú téébù dékódà oníná méje?

Ẹni tó béèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mò ń kọ ìwé kékeré fáwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì lórí dékódà tó ń tan nọ́ńbà 0 dé 9. Bíìtì mẹ́rin ń fúnni ní kóòdù 16, 10 péré la lò, 6 tó kù ni wọ́n máa ń kọ X sí, ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "don't care". Mo pè é ní "àìbìkítà", àmọ́ kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Atúmọ̀ èdè: Àìbìkítà kọ́ rárá, ìwà ẹni tí kò ka iṣẹ́ sí nìyẹn. Ẹ pè é ní "òfo", ṣebí kò sí nọ́ńbà tó fẹ́ hàn níbẹ̀.

Olùkọ́ ẹlẹkitiróníìkì: Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ ni pé kò sí nọ́ńbà níbẹ̀, ṣùgbọ́n "òfo" á jẹ́ káwọn ọmọ rò pé ó di dandan kí iná kú. X ò sọ bẹ́ẹ̀, ohun tó ń sọ ni pé ẹni tó ń ṣe sákíìtì lè fi 0 síbẹ̀, ó lè fi 1, èyí tó bá dín géètì kù ni kó mú. Ẹ wo iná e, tó wà nísàlẹ̀ lápá òsì, 0, 2, 6 àti 8 nìkan ló nílò rẹ̀. Tí A bá jẹ́ bíìtì tó tóbi jù, tí D kéré jù, tí àmì ' jẹ́ òdìkejì bíìtì, tí + sì jẹ́ "tàbí":

```
0 ní 10-15:  e = B'C'D' + A'CD'
X ní 10-15:  e = B'D' + CD'
```

Èkejì kúrú torí a mú 10 àti 14 mọ́ àwọn tó ń tàn, a wá fi 11, 12, 13 àti 15 sílẹ̀ ní pípa. Tẹ́ ẹ bá ti wá jó o pọ̀ tán, kò sí X kankan nínú ẹ̀ mọ́, 10 á tan iná e ní ti gidi.

Atúmọ̀ èdè: Áísíì dékódà CD4511 ńkọ́? Ó máa ń pa gbogbo iná láti 10 dé 15.

Olùkọ́: Bẹ́ẹ̀ ni o, àwọn tó ṣe é ló yan òfo fúnra wọn. Dékódà 7447 ò ṣe bẹ́ẹ̀, láti 10 dé 14 àwòrán jágbajàgba tí kì í ṣe nọ́ńbà ló ń gbé jáde, 15 nìkan ló ń pa á.

Atúnrédíò-ṣe: Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹnì kan gbé káńtà wá fún mi, 7447 náà ló wà níbẹ̀, tó bá ti kọjá 9 ó máa ya jágbajàgba kó tó padà sí 0. Ṣé 7447 ló ti jó ni?

Olùkọ́: Tí 0 dé 9 bá hàn dáadáa, kò jó. Ẹ wo áísíì tó ń kà fún un, ó lè jẹ́ 7493, ìyẹn máa ń ka dé 15. Ẹ fi 7490 tó ń ka dé 9 péré rọ́pò rẹ̀, kẹ́ ẹ so pín 6 àti 7 mọ́ gíráùndù. A ò lè lo X àfi tó bá dá wa lójú pé kóòdù yẹn ò ní dé ọ̀dọ̀ dékódà láéláé.

Ẹni tó béèrè: "Èyí-ó-wù" ńkọ́, sà?

Olùkọ́: Mo fara mọ́ ọn gan-an.

Atúmọ̀ èdè: Èmi ò tíì fara mọ́ ọn. Ọmọ tó bá kà á á rò pé sákíìtì ló ń yan èyí tó wù ú, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ṣe é ló yàn. "Àyè-ìyàn" ni kẹ́ ẹ gbé yẹ̀ wò.